Ọbẹ̀ tí kò kan ló gbé ọmọ mi dé ọsibítù

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń se ọbẹ̀ ẹran ìkòkò ńlá ní Sátidé kó lè tó yín jẹ títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi ṣì ń gbọ̀n.

Ìbàdàn là ń gbé, ooru oṣù Kẹta sì mú gan-an. Mo fi kílò mẹ́ta ẹran màlúù se ọbẹ̀ ata, mo pa iná ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Torí wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé a kì í gbé ohun gbígbóná sí fíríìjì, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ lórí sítóòfù kó tutù. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìkòkò náà láago márùn-ún ìdájí, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ṣí i, òórùn ọbẹ̀ tó dùn ni mo gbọ́. Kò kan, kò yọ fóòmù. Mo gbé e kaná, nígbà tí etí rẹ̀ ti ń hó, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀sán la tó fi jẹ ìrẹsì, ní nǹkan bí aago kan.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, jí tó di ikùn mú. "Màmá, inú ń run mí." Kí n tó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti yàgbẹ́ sára, omi ṣooro. Kó tó di aago méjì, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Iná ò sí. Mò ń fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ń sunkún, omijé ò jáde. Inú ń run bàbá rẹ̀ náà, bó ṣe ń di ikùn mú ló ń wakọ̀ lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa omi sí i lára, ọjọ́ kejì a padà sílé.

Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé: "Mọ̀mí, ibo ni ọbẹ̀ náà sùn?" Ó ní ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ẹran, ó máa ń ní ohun kan bí irúgbìn, híhó kì í pa irúgbìn náà. Tí ọbẹ̀ bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò jíjìn tí a dé, irúgbìn yẹn á jí, á sì máa pọ̀ sí i láàárín ọbẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í sọ ọbẹ̀ di kíkan, imú ò lè mọ̀ ọ́n. Híhó etí tí mo hó o láàárọ̀ ò tó pa á. Kòkòrò mìíràn sì wà tó jẹ́ pé májèlé rẹ̀ kì í bàjẹ́ bó ti wù kí o hó o tó. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni o. Mo fọ ẹran, mo fọwọ́.

Àwọn ìyá wa máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí méjìlá tó wà láàárín ni mò ń sọ.

Nítorí náà, ẹ pín in! Kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa iná, ẹ bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ kéékèèké, kó má jìn ju ìdajì ìka lọ, kẹ́ ẹ sì gbé e sí fíríìjì. Tí ooru bá ju 32°C lọ bíi ti tiwa yìí, wákàtí kan péré ni. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù kó lè yára tutù. Kò pọn dandan kó tutù pátápátá kó tó wọlé. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, tó wà ní 4°C, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ lẹ́yìn ìyẹn, fírísà ni kó lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sè é.

Abọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ tán nìkan ni kẹ́ ẹ gbé kaná, kó hó láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó. Ẹ gé ẹran tó tóbi jù sí méjì: tí àárín rẹ̀ ò bá rú èéfín, kò tíì gbóná tó. Ẹ má dá èyí tó kù padà sí fíríìjì. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì. Tó bá ti ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ da ọbẹ̀ nù, kódà tí òórùn rẹ̀ bá dùn. Ẹ rántí pé òórùn tèmi náà dùn.

Ìyá ọkọ mi ní àṣejù ni pé mo da ẹran tó kù nínú ìkòkò yẹn nù, ẹran tó tó kílò kan. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo sì dà á nù.