Ohun tí ẹ bá wọ̀n ni kí ẹ kọ sára ọṣẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọṣẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ sì fẹ́ máa tà á lórí Wásáàpù, ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sẹ́yìn ike ọṣẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá wá sọ́jà lè gbóòórùn ọṣẹ, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó sì bi olóṣẹ léèrè ohun tó fi ṣe é. Ẹni tó ń rà á láti Kánò kò ní nǹkan mìíràn tí yóò gbára lé ju àwòrán àti àkọlé náà lọ, pàápàá bí ara rẹ̀ bá máa ń kọ àwọn òróró kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìkòkò ọṣẹ rírọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ: àdín gíráàmù 700 àti òrí gíráàmù 300. Kí gíráàmù àdín kan tó di ọṣẹ, ó nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 245 kọ́sítìkì pọ́táàṣì. Ti òrí jẹ́ nǹkan bíi 180. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ gíráàmù 225. A ó yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù tí yóò máa dáàbò bo awọ ara, yóò sì ku nǹkan bíi 214. Níwọ̀n ìgbà tí pọ́táàṣì tí a ń rà kì í mọ́ ju nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 lọ, gíráàmù 238 ni a ó wọ̀n, a ó sì dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi gíráàmù 480. A kì í da omi lé e lórí, torí pé yóò hó yọ síni lójú.

Láti inú ìwé ìwọ̀n yìí ni àkọlé ti ń jáde, èyí tó wúwo jù ni yóò ṣáájú: àdín, omi, òrí, kọ́sítìkì pọ́táàṣì, lẹ́yìn náà lọ́fínńdà tí a bá fi sí i. Mo mọ̀ pé òrí ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn, tí ọwọ́ yín yóò sì máa yún yín láti gbé e síwájú. Ẹ má ṣe é, nítorí ipò kẹta ló wà. Ẹ má sì kọ ọ́ pé ọṣẹ yín “kò ní kẹ́míkà”. Kò sí ọṣẹ tí a ṣe láìlo èròjà tó ń ta bẹ́ẹ̀. Omi eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń lò náà ń ta, agbára rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti ìkòkò kan sí òmíràn.

Ewu tó tóbi jù ni kí ẹni tó ń ta nǹkan fún yín gbé kọ́sítìkì sódà lé yín lọ́wọ́ dípò pọ́táàṣì. Méjèèjì funfun, wọ́n sì jọra, ṣùgbọ́n sódà tó mọ́ gaara tí ìkòkò yìí nílò kò ju nǹkan bíi gíráàmù 153 lọ. Bí ẹ bá da 238 sí i, èyí tó ju gíráàmù 70 lọ yóò ṣẹ́ kù láìrí òróró bá pò, òun ni yóò sì jó awọ oníbàárà. Ọṣẹ náà yóò gan bí òkúta dípò kó rọ̀, nítorí náà ẹ fura. Ẹ po gíráàmù ọṣẹ kan mọ́ omi gíráàmù 99 tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, kí ẹ fi ẹ̀rọ pí-éèṣì, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń ta tó, wò ó. Bí ó bá wà láàárín 9 sí 10, ó dára. Bí ó bá ti kọjá 11, ẹ má tà á. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ ju bébà pí-éèṣì lọ, nítorí àwọ̀ ọṣẹ dúdú a máa tan ojú jẹ lára bébà.

Ní ti NAFDAC, òfin ìforúkọsílẹ̀ ọdún 1993 kò sọ pé títà nìkan ni èèwọ̀ fún ohun ìpara tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dárúkọ ìpolówó pẹ̀lú. Àwòrán tí ẹ bá gbé sórí sítátọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Orí NAPAMS, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Wọn yóò yẹ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ wò, wọn yóò sì yẹ ọṣẹ wò ní yàrá àyẹ̀wò kí nọ́ńbà tó jáde. Nọ́ńbà kan, ọjà kan ni: ẹ ò lè yá ti ọ̀gá yín lò, ẹ ò sì lè fi ti ọṣẹ ta ìpara. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọṣẹ ń wo làpálàpá, ẹ ti sọ ọ́ di oògùn nìyẹn, ọ̀nà mìíràn tó le ju èyí lọ ni oògùn ń gbà forúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí òrí Ṣakí bá wọ́n, tí ẹ sì fẹ́ fi epo pupa rọ́pò rẹ̀, ìṣirò pọ́táàṣì yóò yí padà, àkọlé yóò yí padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí NAFDAC kí ọṣẹ tuntun náà tó kúrò nílé. Ẹ pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ lórí fóònù yín pẹ̀lú, kí oníbàárà má baà fi àkọlé ti tẹ́lẹ̀ ra ti ìsinsìnyí.