"Ó Sùn Dáadáa": Ta Ló Jí I Wò?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná lọ́kàn mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń gba wọ́ọ̀dù láàárọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe nàìtì, ẹ mọ gbólóhùn náà dáadáa: "Aláìsàn sùn dáadáa." Ojoojúmọ́ là ń kà á nínú fáìlì. Díẹ̀ ló kù kí gbólóhùn yẹn gba ẹ̀mí bàbá kan lọ́wọ́ wa ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Abẹ́òkúta.

Bàbá ẹni ọdún 71 ni. Egbò ẹsẹ̀ ló gbé wọn wá, àtọ̀gbẹ sì ti wà lára wọn tipẹ́. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ń gbé oúnjẹ alẹ́ wá fún wọn. Èmi ni mo máa gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó, mo ka ohun tí wọ́n kọ lálẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Aláìsàn ya olóríkunkun lálẹ́, ó kọ oúnjẹ, ó ń bú nọ́ọ̀sì. A fún un ní ínsúlínì àti àwọn oògùn rẹ̀. Ó sùn dáadáa. Ìfúnpá àti ìlù ọkàn dúró déédéé. Kò ráhùn ohunkóhun. Ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́."

Ẹ tún un kà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kọ oúnjẹ, a sì fún un ní ínsúlínì. Gbólóhùn méjèèjì wà nínú ìwé kan náà, ṣùgbọ́n kò sí aago lára ìkankan, nítorí náà kò sí bí ẹni tó ń kà á ṣe lè mọ èyí tó ṣáájú. Kò sí iye ínsúlínì. Kò sí iye ṣúgà. Mo ṣí ṣáàtì oògùn, mo rí i níbẹ̀: ínsúlínì àpòpọ̀ 70/30, yúníìtì 20, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, ṣúgà kí wọ́n tó gún un jẹ́ 142 mg/dL. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ínsúlínì yìí mọ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ tètè ń ṣiṣẹ́, apá kejì ń rìn díẹ̀díẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń ga láàárín wákàtí 4 sí 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé gbogbo òru yẹn, láti nǹkan bí aago 10:30 títí ilẹ̀ fi mọ́, ni oògùn náà ń fa ṣúgà Bàbá wálẹ̀, kò sì sí oúnjẹ nínú wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ṣe nàìtì náà (nọ́ọ̀sì kékeré ni, mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi), mo ní, "Ṣé Bàbá ti jí?" Ó ní, "Mà, wọ́n ṣì ń sùn. Wọ́n ń hanrun gan-an ni." N kò dúró gbọ́ ìyókù.

Mo pe Bàbá, wọn kò dáhùn. Mo gbọn èjìká wọn, mo pe orúkọ wọn sí etí wọn, ojú wọn kò là. Ìrọ̀rí wọn tutù rinrin fún òógùn, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn láyà, ara wọn tutù. Ọwọ́ wọn kan ń gbọ̀n wìrìwìrì lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí a ń pè ní híhanrun yẹn, ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí kò sí nílé ara rẹ̀ ló ń dún. Mo gún ìka wọn: 31 mg/dL. Ohun tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ni a ń pè ní ṣúgà tó lọ sílẹ̀, tó bá sì ti wálẹ̀ ju 54 lọ, ewu ti wọ̀ ọ́. Ní 31, ọpọlọ ni ebi ń pa.

Mo pariwo dókítà. A yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́. Kánnúlà ọwọ́ wọn ti yọ, wọ́n ti fà á lálẹ́, ìyẹn náà kò sì sí nínú ìwé. Iṣan wọn kò hàn. Àsìkò tí a ń wá iṣan yẹn gan-an ni ọmọ wọn wọlé, ó gbé fúláàsì ògì gbígbóná dání. Ó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe wà, ó ké, ó ṣí fúláàsì, ó fẹ́ da ògì náà sí wọn lẹ́nu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pariwo lé mi lórí pé ebi ń pa bàbá òun, pé kí n jẹ́ kí òun fún wọn lóúnjẹ. Òótọ́ ló sọ, ebi ló ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni ògì yẹn máa wọ̀. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń sunkún mọ́ mi láyà, dókítà ń gún apá kejì, iṣan tún fọ́. Mi ò lè ṣàlàyé bí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ṣe gùn tó. Ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi.

A rí iṣan nígbẹ̀yìn. Dẹ́sítírósì ìdá 50, mílílítà 50, a rọra fi sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ṣúgà di 104, Bàbá la ojú, wọ́n bi wá pé kí ni gbogbo wa ń wò. A gbé dírípù dẹ́sítírósì ìdá 10 kọ́, a ń wọn ṣúgà wọn ní wákàtí wákàtí nítorí ínsúlínì yẹn ṣì wà lára. Wọ́n ti lọ sílé báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí: tí ẹ bá ń yẹ ìwé nọ́ọ̀sì wò, ẹ fi ìka sórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ béèrè pé, "Kí lo rí? Kí lo gbọ́? Kí lo wọ̀n?" Gbólóhùn tí kò bá ní ìdáhùn, èrò ni. Mo jókòó ti ọmọ náà lẹ́yìn tí ara balẹ̀, a sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Olóríkunkun." Kí ni Bàbá ṣe? Ó ní wọ́n ti àwo láfún dànù, wọ́n ń pe òun ní orúkọ ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́ mọ́ra, wọ́n sì fa kánnúlà yọ. Aago mélòó? Nǹkan bí aago 11. Ṣé wọ́n ń làágùn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun tilẹ̀ nù wọ́n lára, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú iná lọ, fáànù kò ṣiṣẹ́, òun rò pé ooru ni. Ẹ wò ó! Òógùn ni ojú rí, ooru ni ọkàn rò, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì tó dé inú ìwé. Ká ní ó kọ ọ́ pé "aago 11, ó ń làágùn, ó ń pe nọ́ọ̀sì ní orúkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, kò jẹun láti ìgbà tó gba ínsúlínì," ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ì bá sọ fún un pé kó lọ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà. "Olóríkunkun" ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dúró déédéé." Mo wo ṣáàtì: aago 10 alẹ́ nìkan ni wọ́n wọ̀n ọ́n, ìfúnpá 138/82, ìlù ọkàn 104. Ohun tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò lè dúró déédéé, nítorí kò sí èkejì tí a ó fi wé e. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti aago rẹ̀, ó tán. 104 yẹn nìkan tó ohun tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni padà síbi bẹ́ẹ̀dì.

"A fún un ní ínsúlínì." Irú wo, yúníìtì mélòó, aago mélòó, ibo lára, ṣúgà jẹ́ mélòó kí a tó fún un, kí ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a sì máa kọ ọ̀rọ̀ náà yúníìtì ní kíkún. Àmì "U" tí a ń sáré kọ máa ń jọ òdo lójú ẹlòmíì, 20 á sì di 200.

Ṣùgbọ́n "ó sùn dáadáa" ni mo ń bọ̀ sí, òun ni mi ò ní yé sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì kọjá ní aago 3 àti aago 5. Ohun tó rí ni ojú tó wà ní pípadé. Ohun tó gbọ́ ni híhanrun. Ìyẹn nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ: "Aago 3, ojú wà ní pípadé, ó ń hanrun, a kò jí i." Ẹni tó bá ka "a kò jí i" láàárọ̀ á lọ jí i. Ẹni tó bá ka "ó sùn dáadáa" á lọ síbi bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Oorun àti dídákú jọra lójú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Títí a ó fi pe ènìyàn kó dáhùn, a kò mọ èyí tó jẹ́. Mi ò sọ pé kí ẹ máa jí gbogbo aláìsàn lóru. Mo ní ẹni tó gba ínsúlínì tí kò jẹun, ẹ jí i, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé èrò nọ́ọ̀sì náà wúlò. Mo gbà. Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tó gbé e dìde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "mo fura pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, nítorí ó ń làágùn, ó sì ń sọ ìsọkúsọ." Bí aláìsàn bá sọ nǹkan fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ẹnì kan tún gbà wá nímọ̀ràn láàárọ̀ yẹn pé kí a ya ojú ewé náà kí ọmọ yìí tún un kọ. Mo kọ̀, mo sì máa kọ̀ lọ́la. Ìwé tí a ti fọwọ́ sí kì í ṣe ohun tí à ń ya. Ó kọ àfikún tuntun sísàlẹ̀ èyí tó ti wà, ó kọ aago tó ń kọ ọ́ àti aago tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ó pè é ní ohun tí a kọ lẹ́yìn àkókò, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ àṣìkọ, ìlà kan ṣoṣo la fi ń dá a kí ó ṣì ṣe é kà, kò sí ọ̀rọ̀ típẹ́ẹ̀sì. Èmi kò bá a kọ lẹ́tà kan. Mi ò sí níbẹ̀ lóru, mi ò sì lè jẹ́rìí sí ohun tí ojú mi kò rí. Ohun tí mo kọ ni tèmi: bí mo ṣe bá Bàbá, 31, àti aago.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò sí àyè, pé ènìyàn kan ló ń tọ́jú gbogbo wọ́ọ̀dù lálẹ́. Òtítọ́ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ènìyàn kún wa. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn aago 3 yẹn, kò gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ púpọ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa báyìí, ẹni tó ṣe nàìtì kò tíì ní gbé báàgì títí a ó fi ka ìwé rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí aláìsàn náà á sì dá wa lóhùn.