Àpótí Yẹ́lò Tó Di Funfun

Ẹ̀ka mọ́kànlá ló wà nílé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ kíkó ètò ìsúná gbogbo wọn jọ lé lọ́wọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, fáìlì mọ́kànlá ló dé, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan, orúkọ mẹ́rin ló ní: ẹnì kan kọ "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́", ẹnì kan kọ "Idanileko" láìfi àmì sí i, ẹnì kan kọ "Owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́", ẹnì kẹrin sì kọ ọ́ dáadáa ṣùgbọ́n ó fi àlàfo kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Lójú èmi àti ìwọ, ohun kan náà ni. Lójú `SUMIFS`, fọ́múlà Excel tó ń da owó abẹ́ orúkọ kan náà pọ̀, àjèjì mẹ́rin ni, kò sì ní da owó wọn pọ̀ láéláé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá wọn làjà.

Nígbà tí ọdún yí po, mo ní irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo ṣe fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí gbogbo olórí ẹ̀ka máa lò, nínú Excel. Ọgbọ̀n ìlà ni mo là sí i, láti ìlà 8 dé ìlà 37. Nínú òpó B ni wọn yóò ti mú irú ìnáwó, C wà fún àlàyé, D fún iye ohun tí wọ́n fẹ́ rà, E fún iye owó ẹyọ kan, F sì ni mo fi fọ́múlà tó ń sọ D di ìlọ́po E sí. Mo fi `Data Validation` ṣe àkójọ tó ń já wálẹ̀ sí òpó B, irú ìnáwó mẹ́rìnlá péré ló wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí àyè kọ "Idanileko" sí mi lára.

Ọ̀rọ̀ títì àpótí ni mo wá fi ṣe fújà jù. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè rò pé èyí tó bá fẹ́ tì ni yóò máa tì, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ni. Gbogbo àpótí inú Excel ni wọ́n ti sàmì `Locked` sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kọ́kọ́rọ́ náà kàn ń sùn ni, títí ìwọ yóò fi tẹ `Protect Sheet` tí gbogbo rẹ̀ yóò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, àwọn tó o fẹ́ kí ènìyàn kọ nǹkan sí lo máa kọ́kọ́ ṣí. Mo ṣí B dé E, mo kùn wọ́n ní yẹ́lò, mo yọ àmì kúrò níwájú `Select locked cells` kí káṣọ̀ má tilẹ̀ lè dúró lórí àpótí tí mo tì, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, mo sì tẹ nǹkan sínú àpótí yẹ́lò kọ̀ọ̀kan láti dán an wò. Kò sí èyí tó yọnu. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ jẹ ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó gbé báàgì sílẹ̀, Bàbá tó jẹ́ olórí ẹ̀ka àtúnṣe ti pè mí.

"Ọmọ mi, fọ́ọ̀mù rẹ yìí ti ara rẹ̀ pa."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, èyí tó jẹ́ yẹ́lò nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀."

"Yẹ́lò wo? Yẹ́lò ti di funfun."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé ojú Bàbá ni, tàbí pé iná kọ̀ǹpútà wọn ti ń rẹlẹ̀. Mo bá wọn wá sísàlẹ̀, mo sì rí i lóòótọ́ pé ìlà 8 dé ìlà 14 funfun báláú, bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lára ewé. Mo tẹ àpótí náà, káṣọ̀ kò gùn ún. Ìlà epo dísù ló dun Bàbá jù: lítà 3,600 fún ọdún, ní ₦950 lítà kan, owó àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ₦1,200, fọ́ọ̀mù kọ̀ jálẹ̀. ₦3,420,000 ló dúró síbẹ̀ dípò ₦4,320,000, ìyẹn ni pé fọ́ọ̀mù mi ti fẹ́ fi ₦900,000 tó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ mu du wá.

Mo ní kí wọ́n ṣe é lójú mi bí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí mo rí ni pé Bàbá kò tẹ ohunkóhun rárá. Wọ́n ṣí fáìlì ọdún tó kọjá, wọ́n fi máòsì kó ìlà méje, wọ́n tẹ `Ctrl+C`, wọ́n bọ́ sínú fọ́ọ̀mù mi, wọ́n tẹ `Ctrl+V`. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni ìlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé wá, tẹrù tọmọ ló ń kó. Àwọ̀ funfun bá a wá, ó bo yẹ́lò mi. Àmì `Locked` tó wà lára àpótí inú fáìlì àtijọ́ bá a wá, fọ́ọ̀mù mi tó sì ti wà lábẹ́ ìdè tẹ́lẹ̀ tì í pa lójú ẹsẹ̀. Àkójọ tó ń já wálẹ̀ sì pòórá, nítorí pé àpótí tí wọ́n ti kó o wá kò ní àkójọ kankan. Ní òpó B, "Dísù" ló jókòó sí ibi tó yẹ kí "Epo àti iná" wà, èyí tó túmọ̀ sí pé tábìlì tí mo ti ń ka irú ìnáwó mẹ́rìnlá kò ní rí kọ́bọ̀ nínú owó epo Bàbá. Ìka ọwọ́ mi ni mo fi dán fọ́ọ̀mù wò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń fi ìka ṣe ìsúná nílé-iṣẹ́ wa. Ti èṣí ni gbogbo wọn ń ṣàdàkọ.

Kí n tó lè tún un ṣe, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ìdè rẹ̀. Mo jókòó sórí àga Bàbá, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, ọmọ iṣẹ́ wọn mẹ́ta náà sì dúró lẹ́yìn wọn. Lójú dígí, àmì róbótó-róbótó ni ọ̀rọ̀ aṣínà máa ń hàn, kò sí ẹni tó lè kà á. Ìka mi ni Bàbá ń kà. Wọ́n sì ń kà á sókè, tìfẹ́tìfẹ́, bí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: "A... ẹ́ẹ̀mù... a... ẹ́ẹ̀lì... a. Àmàlà!" Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Kí ó tó di aago méjìlá, ọmọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti kí mi pé "Ẹ kú àmàlà o." Lọ́jọ́ kejì, fáìlì ẹ̀ka kan padà wá, òpó G tuntun ti yọ nínú rẹ̀, wọ́n kọ "Àfikún" sí i lórí. Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe wọlé.

Àǹtí tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ọkọ̀ ló wá gbé tiwọn dé. Wọ́n ní àwọn kò ṣàdàkọ nǹkan kan, wọn ò sì fọwọ́ kan ibi tí mo tì. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wọn, níbi tó yẹ kí àròpọ̀ wà, `#REF!` gàdàgbà ni.

Wọ́n ní, "Ta ni Rẹ́fù? Ṣé rẹfirí ni? Ó ti fún owó táyà mi ní káàdì pupa."

Wọ́n ti kọ iye táyà sí ìlà 14, wọ́n wá rí i pé ìlà 15 ló yẹ kó wà, wọ́n fi `Ctrl+X` gé e níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ṣàdàkọ, ọ̀tọ̀ sì ni kó gé. Bí o bá gé àpótí kan, Excel gbà pé àpótí náà fúnra rẹ̀ ló kó lọ sílé tuntun, gbogbo fọ́múlà tó ń wò ó yóò tẹ̀ lé e lọ, èyí tó sì ń wo onílé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò di aláìnílé. Ohun tí mo bá nínú F14 àti F15 nìyí:

```
=D15*E14
=#REF!*E15
```

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òpó F wà lábẹ́ títì, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kàn ń dáàbò bo fọ́múlà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rẹ́ ni, kò lè dáàbò bo ibi tí fọ́múlà náà ń wò. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ gbọn-in, tí wọ́n wá hú ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti ìta, ni mo jọ.

Mo ṣe ẹ̀dà kejì. Nínú òpó F, mi ò jẹ́ kí fọ́múlà pe àpótí kankan lórúkọ mọ́, mo ní kí ó máa wo òpó lódindi, kó sì mú èyí tó bá wà ní ìlà rẹ̀. Gígé àpótí kan kò lè sọ odindi òpó di aláìnílé:

```
=INDEX($D:$D,ROW())*INDEX($E:$E,ROW())
```

Mo tún fi àpótí kan sókè tó ń ka iye ìlà tí irú ìnáwó wọn kò sí nínú àkójọ mi, tí mo sọ ní Akojo. Bí ó bá ju òdo lọ, ó di pupa:

```
=SUMPRODUCT((B8:B37<>"")*(COUNTIF(Akojo,B8:B37)=0))
```

Ti ìlẹ̀mọ́ kò ní oògùn pátápátá. Ohun tí mo lè ṣe ni pé mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n máa lo `Paste Special`, kí wọ́n sì mú `Values`, kí ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni yóò wọlé, tí yẹ́lò, àkójọ àti àyè títẹ̀ yóò sì wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá fi ọ̀nà yẹn lẹ "Dísù" mọ́ òpó B, Excel kò ní dá a dúró, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ nǹkan nìkan ni àkójọ máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà pupa yóò tú u fó.

Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà tuntun lọ sí ẹ̀ka àtúnṣe, ìlà kan ṣì ní wàhálà, mo sì ní láti tú ìdè rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yí kọ̀ǹpútà kọjú sí ògiri, mo fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún, mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà.

"Ṣé ó ti di ẹ̀bà?"

Mi ò dá wọn lóhùn, nítorí pé ẹ̀bà náà ni.