Ìfura ni mo kọ bí ẹni pé ẹ̀rí ni

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìwé másítà mi dúró. Omi kànga ni mo ṣèwádìí lé lórí, kànga 24 ní ìlú kan tí oko yí ká. Nínú mẹ́sàn-án lára wọn, náítíréètì ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, ìyẹn gbèdéke tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Mo wo oko àgbàdo tó yí ìlú ká, mo rántí àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀, mo bá kọ ọ́ pé: "Ajílẹ̀ òyìnbó ni ó fa náítíréètì inú àwọn kànga wọ̀nyí." Ó dùn ún kà. Ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, mo ti ń gba ìjọba nímọ̀ràn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá láti ìta fi bírò kan gbólóhùn yẹn. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní ṣáláńgá ló fà á, kí lò bá ti rí tó yàtọ̀ sí èyí tó o rí yìí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà..." Ẹnu mi kò gbé ìyókù. Ká sòótọ́, mi ò ronú kan ṣáláńgá rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ọgbà ilé tí mo ti bu omi, ṣáláńgá wà níbẹ̀. Ńṣe ni mo ń dimú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Irú ìrònú tí mo ṣe yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Charles Sanders Peirce, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìrònú yòókù. Bó ṣe là á sílẹ̀ rèé: a rí ohun kan tó yà wá lẹ́nu, tí nǹkan báyìí bá jẹ́ òótọ́, ohun tí a rí yẹn kò ní yani lẹ́nu mọ́, nítorí náà, ìdí wà láti fura pé nǹkan báyìí jẹ́ òótọ́. Láti fura ni. Èmi fo ibẹ̀ yẹn, mo bọ́ sórí "òun ni ó fà á." Ajílẹ̀ lè mú náítíréètì wọ inú kànga, ṣáláńgá náà lè mú un wọ̀ ọ́. Pé ọ̀kan bá ohun tí mo rí mu kò tíì lé èkejì jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ní kí n lọ ka ohun tí Dókítà John Snow kọ ní 1855 nípa kọ́lẹ́rà, kí n má wo máàpù rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo, kí n wo bó ṣe ń jiyàn. Ní ìparí oṣù kẹjọ 1854, kọ́lẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn èèyàn Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà nígbà náà ni pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fà á. Snow ní omi ni, omi ẹ̀rọ ìfami tó wà ní Broad Street. Lóòótọ́, àyíká ẹ̀rọ náà ni òkú pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ká ní àdúgbò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ burúkú ti ń tú jáde, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ náà ni òkú ì bá pọ̀ sí? Máàpù nìkan kò lè dájọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Ibi tí Snow ti mú ẹjọ́ ni ọ̀dọ̀ àwọn tí afẹ́fẹ́ àti omi kò jọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé kan wà ládùúgbò náà tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, èèyàn 535 ló wà níbẹ̀, àwọn ilé tó yí i ká sì ń kú, síbẹ̀ èèyàn márùn-ún péré ni kọ́lẹ́rà pa nínú wọn. Ilé náà ní kànga tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà ní Broad Street fúnra rẹ̀ lé ní 70. Kò pa ẹnì kankan nínú wọn. Bíà ni wọ́n ń fún wọn mu. Opó kan wà ní Hampstead tiẹ̀, tó jìnnà débi pé afẹ́fẹ́ Soho kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbé ní Broad Street rí, ó fẹ́ràn omi ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì ń gbé ìgò omi náà lọ fún un lójoojúmọ́. Ó mu ún, ó kú. Ọmọ ẹbí rẹ̀ tó wá kí i mu níbẹ̀, ó padà sílé rẹ̀ ní Islington, òun náà kú. Afẹ́fẹ́ kò rí àlàyé ṣe fún opó yìí.

Ohun tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni èyí: ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, àrùn sì rọlẹ̀. Èmi ì bá fi ìyẹn parí ìwé mi pẹ̀lú ariwo. Snow ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àrùn ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọwọ́ náà, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò, nítorí náà kò ṣeé mọ̀ bóyá oró ṣì wà nínú omi lọ́jọ́ yẹn.

Mo padà sídìí tábìlì mi. Mo wá ibi tí ajílẹ̀ àti ṣáláńgá ti gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ajílẹ̀, àwọn kànga ẹ̀bá oko ló yẹ kó burú jù. Tó bá jẹ́ ṣáláńgá, àárín ìlú àtijọ́ ni, níbi tí ilé ti fún mọ́ra. Mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ló wà láàárín ìlú! Àti pé látìgbà tí mo ti ń kọ ìwé yẹn ni èyí ti wà nínú tábìlì mi. Kíloráídì, èròjà tó wà nínú iyọ̀, náà ga níbẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èèyàn sì ń gbé iyọ̀ dání. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí kíloráídì dá ẹjọ́ náà nìkan, torí ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ tó ní pótáàsì nínú ní kíloráídì pẹ̀lú. Yúríà ní tirẹ̀ kò ní in. Mẹ́ta nínú àwọn kànga ọ̀hún kò ní kòkòrò ìgbẹ́ kankan nínú omi wọn, inú mi sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìyẹn náà kò dá ṣáláńgá láre, torí ilẹ̀ lè sẹ́ kòkòrò kúrò, náítíréètì á sì kọjá.

Ohun tí mo wá kọ rèé: "Ibi tí àwọn kànga náà wà àti kíloráídì wọn bá ṣáláńgá mu ju ajílẹ̀ oko lọ. A kò yẹ irú náítírójìn tó wà nínú náítíréètì wọn wò, èyí tí ì bá túbọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀." Owó àyẹ̀wò yẹn ju agbára mi lọ, mo sì sọ pé a kò ṣe é.

Ó ku kànga kẹsàn-án. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, kò sí ṣáláńgá nítòsí, oko tó sún mọ́ ọn jù kì í lo ajílẹ̀. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n pè é ní àṣìṣe àyẹ̀wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé: "Lọ wò ó." Mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Lẹ́yìn ọgbà tó wà lókè kànga náà, mo bá ilé adìẹ kan tí wọ́n ti pa tì, òkìtì ìgbẹ́ adìẹ ga dé orókún mi, koríko ti hù lé e lórí. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi ajílẹ̀ wé ṣáláńgá, mi ò ka adìẹ mọ́ ọn rárá, àyẹ̀wò náítírójìn tí mi ò lówó rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ya ìgbẹ́ adìẹ àti ti èèyàn sọ́tọ̀. Mo fi ìlà kan kún un: "A fura sí òkìtì ìgbẹ́ adìẹ tó wà lókè kànga yìí."