Àṣẹ ìnáwó kì í ṣe àṣẹ gbígbé owó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí bọ́jẹ́tì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ́jẹ́tì ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló máa ń kó àwọn ọ́fíìsì sí wàhálà jù lọ lọ́wọ́ ọ̀dítọ̀, n kò ní sọ pé olè jíjà ni. Owó tí wọ́n ná sí ohun tó yẹ ni, tí ojú gbogbo wa rí ohun tí wọ́n fi rà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé orí ìnáwó mìíràn, ìyẹn ìlà mìíràn nínú bọ́jẹ́tì, ni wọ́n ti yọ ọ́, tí kò sì sí ìwé tó fi hàn pé ẹni tó láṣẹ ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ná an. Gbígbé owó láti orí ìnáwó kan sí òmíràn là ń pè ní fáyámẹ́ǹtì lọ́fíìsì. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí ó ti ń dàrú nìyí. Ẹ kọ mẹ́mò sí akọ̀wé àgbà pé dísù jẹ́nẹ́rétọ̀ ti tán. Ó kọ ọ́ sí i pé òun fọwọ́ sí i, ó buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọjọ́. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ ohun tí akọ̀wé àgbà fọwọ́ sí ni pé kí ẹ ra dísù. Bí orí ìnáwó dísù bá ti gbẹ, ìbuwọ́lù yẹn kò sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Àṣẹ kejì gbọ́dọ̀ wà, láti ọwọ́ ẹni tí òfin fún ní agbára láti yí ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti pín padà.

Ta ni ẹni náà? Ní ìjọba àpapọ̀, abala 27 nínú òfin ojúṣe ìnáwó ti ọdún 2007 sọ pé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ nìkan ni kí wọ́n ná an sí, àyàfi bí mínísítà ètò ìṣúná bá dábàá gbígbé owó láàárín àwọn orí kékeré tó wà lábẹ́ orí kan náà, tí ilé aṣòfin àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin àti ìlànà tirẹ̀, wọn kò sì bára mu. Nítorí náà, lọ́dọọdún, kí n tó kọ mẹ́mò kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń ka òfin bọ́jẹ́tì ọdún náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá, kí n lè rí ohun tó sọ nípa fáyámẹ́ǹtì. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ sí owó ìṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé owó iṣẹ́ àkànṣe wá sínú owó ìṣiṣẹ́. Láàárín owó ìṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni mo ti ń ṣe tèmi, àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá sì wà níbẹ̀.

Ọdún 2022 ni. Nígbà tí a ń ṣe bọ́jẹ́tì náà ní 2021, dísù kò tíì tó ₦300 lítà kan. A ṣírò lítà 1,200 lóṣù ní ₦290, ìyẹn ₦4,176,000 lọ́dún, a sún un sókè díẹ̀, a sì kọ ₦4,200,000 sí orí epo jẹ́nẹ́rétọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 22020803. Ẹ rántí bí dísù ṣe fò sókè lọ́dún yẹn. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, ó ti súnmọ́ ₦800. A ti dín ohun tí à ń lò kù sí lítà 750 lóṣù, síbẹ̀ a ti ná ₦4,050,000, ó sì ku ₦150,000. Oṣù mẹ́ta ṣì wà níwájú. Lítà 750 ní ₦800 jẹ́ ₦600,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 fún oṣù mẹ́ta. Tí a bá yọ ₦150,000 tó kù, ₦1,650,000 ni a nílò.

Mo wo orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́, 22020501. Bọ́jẹ́tì rẹ̀ jẹ́ ₦8,000,000, ohun tí a sì ti ná níbẹ̀ jẹ́ ₦2,900,000. Ẹni tó bá ń kánjú á sọ pé ₦5,100,000 ló kù. Irọ́ ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà fún oṣù kẹwàá tí a ti fún olùpèsè ní ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ₦1,200,000, a kò kàn tíì sanwó ni. Gbèsè ni ìyẹn. Ó ku ₦3,900,000. Ṣùgbọ́n nínú ₦8,000,000 náà, ₦6,000,000 péré ni ìjọba ti tú sílẹ̀ di ìparí oṣù kẹsàn-án. Tí ẹ bá yọ ohun tí a ti ná àti gbèsè yẹn kúrò nínú rẹ̀, ₦1,900,000 ni owó gidi tí a lè gbé lónìí. Ìyókù jẹ́ nọ́ńbà lórí ìwé, kò sì sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà ra dísù.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìṣirò yìí, torí pé ibi tí mo ti rí i tí fáyámẹ́ǹtì ń kùnà jù lọ nìyí. Àwọn kan á gba àṣẹ gbé owó tí wọn kò tíì tú sílẹ̀, wọ́n á pe olùpèsè dísù, kò sì ní sí owó ní báńkì. Àwọn mìíràn á gbé owó tó ti ní oní-nǹkan lórí. Bí ẹni tó kọ́ òṣìṣẹ́ bá wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ṣófo. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò ọ́fíìsì kan mọ́, ẹ ṣí fóòtù búùkù wọn, ìwé tí wọ́n ń kọ owó tó wọ orí ìnáwó kọ̀ọ̀kan àti èyí tó jáde sí. Bí kò bá sí ìlà kankan fún gbèsè tí wọn kò tíì san, ẹ má gba iye tó kù tí wọ́n bá sọ fún yín gbọ́.

₦1,650,000 kò tó ₦1,900,000, nítorí náà ọ̀nà wà. Mẹ́mò tí mo kọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà orí tí owó ti ń kúrò, àti ti orí tó ń lọ. Mo kọ bọ́jẹ́tì wọn, ohun tí a ti ná, gbèsè, àti ohun tí ìjọba ti tú sílẹ̀. Mo wá kọ iye tí orí kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ lẹ́yìn gbígbé: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò di ₦6,350,000, epo yóò di ₦5,850,000. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦12,200,000 ṣáájú, ₦12,200,000 náà ni lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kan yẹn máa ń mú kí ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná fara balẹ̀, torí wọ́n rí i pé a kò béèrè owó tuntun. Mo tún sọ ìdí tí orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi lè fi owó náà sílẹ̀: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí a ti sún sí ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ìsúnsíwájú náà lẹ́yìn mẹ́mò. Púpọ̀ máa ń ṣàlàyé ìdí tí owó fi pọn dandan níbi tó ń lọ, wọ́n á sì gbàgbé pé ẹni tó máa fọwọ́ sí i ń ro ohun tí yóò bàjẹ́ níbi tí owó ti kúrò.

Ọ̀nà tí fáìlì gbà nìyí. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ dàírẹ́kítọ̀ fáínáǹsì, ó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà, òun ló sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná. Àwọn ni wọ́n gbé e lọ fún àṣẹ, tí wọ́n sì dá lẹ́tà padà sí wa. Gbogbo ìwé tó wọlé tàbí tó jáde ni mo fi bírò pupa kọ nọ́ńbà ojú ewé sí, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá sì kọ sí fáìlì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí nọ́ńbà ojú ewé tó ń dáhùn. Bí dàírẹ́kítọ̀ bá kàn kọ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ síwájú", mo máa ń dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa fi iye owó àti ojú ewé sí i." Wọn kì í bínú. Wọ́n mọ̀ pé àwọn náà lè fẹ̀yìn tì lọ́la, kí ọ̀rọ̀ náà sì kù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àṣẹ orí fóònù ńkọ́? Ọ̀gá lè wà lẹ́nu ìrìn àjò, kí ó sì fi ohùn sọ pé òun ti gbà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ọ́ sí fáìlì lójú ẹsẹ̀: ọjọ́, aago, ẹni tó sọ̀rọ̀, iye owó, pé à ń dúró de ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n n kò ní fi owó náà sínú fóòtù búùkù títí ìwé yóò fi dé. Àkọsílẹ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ.

Nígbà tí lẹ́tà àṣẹ dé, mo fi í wé mẹ́mò wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà orí méjèèjì ha bára mu? Ṣé iye owó náà ni? Ṣé wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akáǹtáǹtì àgbà àti ọ̀dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni mo kọ ìlà méjì sínú fóòtù búùkù lọ́jọ́ kan náà: a yọ ₦1,650,000 lára orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a fi ₦1,650,000 kún orí epo, nọ́ńbà lẹ́tà àti ọjọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Gbogbo fáọ́ṣà, ìyẹn ìwé ìsanwó, dísù tó tẹ̀lé e ni mo kọ nọ́ńbà lẹ́tà náà sí, mo sì so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ èyí àkọ́kọ́.

Ọ̀dítọ̀ kì í wá láti gbọ́ ìtàn. Abala 125 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọ̀dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ àti ẹni tó bá rán ní ẹ̀tọ́ láti wo gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ìṣirò owó ìjọba, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń wò ni ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà àṣẹ, ọjọ́ tó wọ fóòtù búùkù, àti ọjọ́ tó wà lórí fáọ́ṣà. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra báyẹn. Mo mọ ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti san owó dísù oṣù méjì kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní àṣẹ, iye owó pé, ṣùgbọ́n fáọ́ṣà ṣáájú lẹ́tà. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n yí ọjọ́ fáọ́ṣà padà. Ọpẹ́lọpẹ́ akáǹtáǹtì wọn tó kọ̀ jálẹ̀, torí ọjọ́ tí owó jáde ní báńkì kò ṣe é yí, ìyẹn á sì sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àìtẹ̀lé ìlànà di ayédèrú ìwé. Wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tọrọ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìgbà tó ti wáyé. Ó gùn, ó sì ni wọ́n lára, àmọ́ kò sí ẹni tó bá a lọ sí ilé ẹjọ́.

Ohun kan tún kù. Owó tí ẹ bá gbé tí ẹ kò sì ná tán kì í fúnra rẹ̀ padà sí orí tó ti kúrò. Ní oṣù kejìlá, ó ku ₦70,000 lórí epo. Àwọn kan ní kí a fi san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan, pé ṣebí ibẹ̀ ló ti wá. Kò ṣeé ṣe láìsí àṣẹ mìíràn, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá sì ti dé tán. A fi í sílẹ̀, ó sì parẹ́ pẹ̀lú ọdún. Mo kọ ₦70,000 náà sí ìparí fóòtù búùkù gẹ́gẹ́ bí owó tí a kò ná, mo fà ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú.