Owó ìfẹ̀yìntì Màmá Tíṣà àti oko àgbàdo tó ń sanwó lóṣooṣù

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ màmá kan ló gbà mí lọ́kàn lónìí. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, díẹ̀ ló sì kù kí owó wọn bómi lọ. Màmá kì í ṣe òpè, wọn kì í sì í ṣe olójúkòkòrò. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí bí wọ́n ṣe tò ó kalẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni yóò kó sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí owó náà wà. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì ń fi ó kéré tán 10 kún un. Inú akáǹtì tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní PFA ló ń fi owó náà ṣòwò, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá, PFC, ló ń tọ́jú owó gan-an. Tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì, yóò gba díẹ̀ lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kù yóò sì máa wọlé fún un lóṣooṣù. Ti màmá, 3,200,000 náírà ni wọ́n gbà lápapọ̀, 58,000 sì ń wọlé lóṣooṣù. Wọ́n yọ 200,000 láti fi tún òrùlé ṣe. 3,000,000 tó kù wà ní báńkì, ọkàn wọn kò sì balẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni ọjà ń gbówó lórí.

Àsìkò yìí gan-an ni ọmọ tí wọ́n kọ́ rí wá kí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ọsàn kalẹ̀.

“Tíṣà mi, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó yín jókòó sí báńkì lásán. Ẹ fi sí oko àgbàdo wa. Náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún ni à ń san, lóṣooṣù, kò yẹ̀. Tọ́dún bá pé, ẹ ó tún gba ojú owó yín padà.”

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwọn àlẹ́ẹ̀tì tó ti gbà hàn wọ́n. Òótọ́ sì ni. Owó wọlé fún un lóṣù mẹ́ta léra. Ó kó ìwé ilé-iṣẹ́ náà jáde, ìwé ẹ̀rí CAC tó ní nọ́mbà RC, òǹtẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí màmá béèrè bóyá ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, ó ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ ayélujára CAC, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ibí yìí ló ti ń tan àwọn èèyàn jù lọ. Ìwé ẹ̀rí CAC kò yàtọ̀ sí ìwé ìbí: ó ń sọ pé wọ́n bí ọmọ náà, kò sọ pé ọmọ náà kì í jalè. Ẹnikẹ́ni tó bá sanwó ìforúkọsílẹ̀ lè gba ìwé yìí, ì báà jẹ́ ẹ̀wà ló fẹ́ tà tàbí bíríkì ló fẹ́ mọ. Kí ilé-iṣẹ́ tó lè gba owó aráàlú láti bá wọn fi ṣòwò, kó sì ṣèlérí èlé, ìwé àṣẹ mìíràn ló nílò, ọ̀dọ̀ àjọ SEC ni yóò sì ti gbà á. Tó bá jẹ́ owó ìfipamọ́ bíi ti báńkì ló ń gbà, ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ni. Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi aṣojú ni: “Irú ìwé àṣẹ wo lẹ gbà lọ́dọ̀ SEC, orúkọ wo gan-an ló sì wà lórí rẹ̀?” Kí ó wá fi orúkọ náà wá a lórí sec.gov.ng, lẹ́tà sí lẹ́tà, torí àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi kí ó lè jọ ọ́. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2025 ti wá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ní gbangba láti dá ètò tó ń fi owó ẹni tuntun san èlé fún ẹni àtijọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá.

Màmá kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tó dá ọwọ́ wọn dúró kéré gan-an. Wọ́n ṣí áàpù báńkì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ nọ́mbà akáǹtì tí ọmọ náà fi ránṣẹ́, wọ́n mú orúkọ báńkì. Orúkọ tó jáde lójú fóònù kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Orúkọ ọkùnrin kan ni.

Wọ́n pè é. “Ọmọ mi, orúkọ èèyàn ló gbé wá níbí o.”

“Ẹ má jáyà, mà. Akáǹtì máníjà wa ni. Ti ilé-iṣẹ́ ń yọnu díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.”

“Ó dáa. Kí ti ilé-iṣẹ́ má yọnu mọ́ ná, màá dúró.”

Inú mi dùn sí èsì yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Orúkọ tó ń jáde kí èèyàn tó tẹ nọ́mbà àṣírí, báńkì tó fẹ́ gba owó ló fi í ránṣẹ́, aṣojú kankan kò lè yí i padà. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ló jáde, a jẹ́ pé owó náà kò ní wọ inú ìwé ilé-iṣẹ́ rárá. Ìwé àdéhùn tí wọ́n bá buwọ́ lù pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ á wá di bébà lásán, torí ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òun kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ni akáǹtì náà sì lè fọ́n owó ọ̀hún sí ibi mẹ́wàá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ tí màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ wá sí wọn lọ́kàn. Àgbàdo ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbó tó sì gbẹ. Oko wo ló ń pa owó wọlé lóṣù kìíní, nígbà tí àgbàdo rẹ̀ ò tíì ju orúnkún lọ? Kódà tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń gbin ilẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, oṣù kan á ṣì wà tí òjò yóò ta kété tàbí tí kòkòrò yóò wọlé. Èlé tí kì í dín, tí kì í pẹ́, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, kò ti oko wá.

Níbo ló wá ti ń wá? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká ní ogún èèyàn ló kó 3,000,000 wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. 60,000,000 nìyẹn. Aṣojú ń gba ìdá mẹ́wàá lórí ẹni tó bá mú wá, nítorí náà 6,000,000 ti lọ, ó ku 54,000,000. Èlé ẹnìkan lóṣù jẹ́ 450,000. Ti ogún èèyàn jẹ́ 9,000,000. Ẹ pín in: láàárín oṣù mẹ́fà péré, 54,000,000 ti tán, láìtíì ra hóró àgbàdo kan. Owó wọn gan-an ni wọ́n ti ń san padà fún wọn, tí wọ́n ń pè ní èlé. Kí oṣù keje tó lè rí owó san, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ mú èèyàn mẹ́rin tuntun wá, torí mẹ́ta kò ní tó lẹ́yìn tí aṣojú bá ti yọ tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí 450,000 tiwọn. Lóṣù tí àwọn tuntun bá dín, ojú ẹ̀rọ á dédé kú. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú MMM lóṣù Kejìlá ọdún 2016, bó sì ṣe rí pẹ̀lú CBEX lóṣù kẹrin ọdún 2025, tí inú fi bí àwọn èèyàn n’Íbàdàn débi tí wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n sì kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Ó ku apá kan tí màmá kò tètè sọ. Ọmọ náà tún ti ní òun mọ ẹni tó lè bá wọn gba gbogbo owó tó kù lọ́dọ̀ PFA jáde lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè fi kún ti oko, kí wọ́n sáà san 150,000 owó ìṣètò. Wọn kò tíì sanwó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní nọ́mbà PEN wọn, BVN, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, àwòrán méjì àti ìbuwọ́lùwé lórí bébà òfìfo. Kò sẹ́ni tó lè gba owó yẹn jáde báyẹn. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti yan kí ó máa wọlé lóṣooṣù, owó náà wà lábẹ́ òfin, PFC kò sì ní tú u sílẹ̀ nítorí aṣojú. Tí olówó bá kú kó tó tán, àwọn tó ni ogún rẹ̀ ni yóò gba ìyókù. Ní ti owó ìṣètò, ẹ̀tọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó san án.

Bébà òfìfo yẹn ló dẹ́rù bà mí jù, torí wọ́n lè kọ ohunkóhun sókè ìbuwọ́lùwé náà. Nítorí náà, màmá lọ sí ọ́fíìsì PFA wọn fúnra wọn lónìí, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní lẹ́tà pé ìwé àwọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, pé kí wọ́n má gba àyípadà kankan, yálà ti nọ́mbà fóònù, ti akáǹtì tàbí ti àjogún, àfi tí àwọn bá yọjú fúnra àwọn. Wọ́n gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, déètì sì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ sí báńkì, wọ́n pààrọ̀ nọ́mbà àṣírí káàdì àti ti áàpù. BVN nìkan kò lè gbé owó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in, tó tún wá rí nọ́mbà OTP tó wọ fóònù gbà lẹ́nu olówó, lè ṣe ọṣẹ́. Ìyẹn ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ ka nọ́mbà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kódà tó bá lóun ń pè láti báńkì.

Apá kan nínú 3,000,000 náà ni wọ́n fẹ́ fi ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí àwọn aráàlú lè rà láti 5,000 náírà, èyí tó ń san èlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èlé ọdún kan gbáko lórí rẹ̀ kò tó èyí tí àwọn olóko ń ṣèlérí fún oṣù méjì, màmá sì ní ìyẹn tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ọmọ yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Òun náà ní 400,000 níbẹ̀, ó sì gbà tọkàntọkàn pé oko wà. Màmá ti pè é, wọ́n ní kó béèrè ojú owó rẹ̀ báyìí tí wọ́n ṣì ń sanwó, kó má mú ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ mọ́, kó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì tó fi sanwó, pàápàá èyí tí nọ́mbà gígùn Session ID wà lára rẹ̀, torí òun ni báńkì fi ń tọ ipa owó. Tí wọn kò bá dá a lóhùn títí di ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì ni yóò jọ kọ̀wé sí SEC àti EFCC.