Bí adẹ́mu mi ṣe ń gba inú pákó kọjá

Géèmù kékeré kan ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé wa. Adẹ́mu kan ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ó ń kó akèrègbè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, á já bọ́ sórí pákó tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, pákó náà ń gbà á dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tí mo ti ń ka bọ́tìnì ni nǹkan ti dàrú, mo sì ń wá àṣìṣe níbẹ̀. Àfi ìgbà tí àbúrò mi gbé géèmù náà sórí fóònù rẹ̀ tó ti pẹ́, tó sì pè mí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin yín kì í sábà dúró lórí pákó o. Tó bá ti já láti òkè ọ̀pẹ, ṣe ló ń wọlẹ̀ lọ.” Kóòdù kan náà ni, pákó kan náà ni.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, kó má bàa gba ẹlòmíì ní ọjọ́ mẹ́rin.

Lójú wa, ọkùnrin náà ń já bọ̀ láìdúró. Nínú kóòdù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní fíréèmù kan, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń yà tẹ̀léra, kóòdù máa gbé e kúrò níbi tó wà lọ síbi tó kàn, lẹ́yìn náà ló máa wá bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé ara rẹ̀ kan pákó?” Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń béèrè ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹ̀ṣọ́ tó ń la ojú tó tún ń pa á dé: tí ẹnì kan bá yára tó láti wọlé kó sì jáde nígbà tí ojú wà ní pípadé, ẹ̀ṣọ́ náà á búra pé òun ò rí ẹnikẹ́ni, kò sì ní parọ́.

Ìṣirò ló là mí lójú. Mo fi òòfà ilẹ̀ sí 1800, ìyẹn ni pé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ ń fi píksẹ́lì 1800 lé sí i. Láti òkè ọ̀pẹ dé pákó jẹ́ píksẹ́lì 900. Jíjá náà gba ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí yóò sì fi dé ìsàlẹ̀, eré rẹ̀ ti tó píksẹ́lì 1800 fún ìṣẹ́jú àáyá. Kọ̀ǹpútà mi ń ya fíréèmù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ń fo nǹkan bíi píksẹ́lì 30 lẹ́ẹ̀kan. Fóònù àbúrò mi kò ju 30 lọ, nítorí náà fífò kan níbẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 60.

Adẹ́mu náà ga ní píksẹ́lì 32, pákó nípọn ní píksẹ́lì 8. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 40. Láti ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá fọwọ́ kan ojú pákó títí di ìgbà tí orí rẹ̀ bá kúrò lábẹ́ pákó, píksẹ́lì 40 ló máa rìn. Tí fífò kan bá ju 40 lọ, àyè wà fún un láti wà lókè pákó ní fíréèmù kan, kó sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ní fíréèmù tó tẹ̀lé e. Mo tẹ àwọn nọ́ńbà jáde lórí fóònù náà, mo sì rí i kedere. Ojú pákó wà ní 900 (lójú ẹ̀rọ, ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà ń pọ̀ sí). Ní fíréèmù kan, àtẹ́lẹsẹ̀ wà ní 895. Ní èyí tó tẹ̀lé e, ó ti dé 955, orí rẹ̀ wà ní 923, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ pákó kò ju 908 lọ. Píksẹ́lì 15 ti wà láàárín orí rẹ̀ àti pákó. Ìbéèrè “ṣé wọ́n kan ara wọn?” gba ìdáhùn “rárá” lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ sì ni lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Kí ló wá dé tó fi ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí fífò kan ti jẹ́ 30 péré? Ibí yìí ló pa mí lára jù. Níbẹ̀, wọ́n máa ń kan ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù tí mo kọ láti yọ ọ́ kúrò nínú pákó ń tì í gba ọ̀nà tó kúrú jù. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti wọlẹ̀ ní píksẹ́lì 12 sí ojú pákó, òkè ló sún mọ́, yóò tì í sókè. Tó bá ti wọlẹ̀ ní 26, píksẹ́lì 14 ló kù kó jáde nísàlẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń tì í sí. Èmi fúnra mi ni mo ń ti ọkùnrin náà gba inú pákó! Nítorí pé ibi tí fíréèmù bá a kò dúró sójú kan, nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́ta ló ń bá a níbi tó ti ju 20 lọ. Lórí fóònù àbúrò mi, ìgbà kan nínú mẹ́ta ló ń fo pákó kọjá pátápátá, ìgbà kan mìíràn kóòdù mi ń tì í sísàlẹ̀, ìgbà kan tó kù ló ń dúró.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ pé èyí gan-an ló ń ṣe géèmù yín. Ẹ dín eré géèmù náà kù, kí ohun gbogbo máa rọra lọ. Bí kò bá gba inú pákó kọjá mọ́, òun nìyẹn, nítorí pé àkókò fíréèmù kọ̀ọ̀kan ti kéré sí i, fífò náà sì ti kúrú. Ohun tó tàn mí jẹ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nìyí: gbogbo ìgbà tí mo bá dín eré rẹ̀ kù kí n lè rí i dáadáa, àṣìṣe náà á pòórá. Ẹ tún ṣe òdìkejì rẹ̀, ẹ fipá dín fíréèmù kù sí 20. Bó bá burú sí i, ẹ má wá ibòmíì lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo sọ pákó di píksẹ́lì 40, mo sì fi apá tó lé pa mọ́. Jíjá dín kù, ṣùgbọ́n nígbà tí adẹ́mu bá wà nísàlẹ̀ tó sì fò sókè, orí rẹ̀ ń gbá nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rí. Fún ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, ọgbọ́n yẹn dára. Fún pákó tí èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò wúlò.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pín ìrìn fíréèmù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Píksẹ́lì 60 di 15, ó sì ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí ìpè wọlé sórí fóònù lójijì. Géèmù dákú fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tó jí, `dt`, ìyẹn àkókò tó wà láàárín fíréèmù kan àti èyí tó tẹ̀lé e, jẹ́ 0.5, ọkùnrin náà sì ní láti fo píksẹ́lì 900 lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá pín 900 sí mẹ́rin, 225 ni. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí, kó jẹ́ pé bí ìrìn bá ṣe gùn tó ni yóò pinnu iye ìgbà tí yóò pín in, kó má fi nọ́ńbà kan dè é. Kó sì fi òpin sí `dt` pẹ̀lú:

```
dt = Math.min(dt, 1 / 20);
```

Òpin yìí ṣì wà nínú kóòdù mi títí di òní. Òun nìkan kò wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìdákú fóònù sọ ọ́ di ńlá.

Ohun tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé mo pa ìbéèrè mi dà. Dípò “ṣé ara wọn kan ara wọn báyìí?”, mo ń béèrè pé “ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè ojú pákó tẹ́lẹ̀, tó sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ báyìí?” Bí ìrìn náà bá gùn ju ọ̀pẹ lọ pàápàá, ìdáhùn kò ní yí padà. Nínú kóòdù yìí, `p` ni adẹ́mu, `f` ni pákó, `feet` ni ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ wà báyìí, `prevFeet` ni ibi tó wà ní fíréèmù tó ṣáájú.

```
if (p.vy > 0 && prevFeet <= f.top + 0.01 && feet >= f.top) {
  const t = (f.top - prevFeet) / (feet - prevFeet);
  const x = prevX + t * (p.x - prevX);
  if (x + p.w > f.left && x < f.right) {
    p.y = f.top - p.h;
    p.vy = 0;
  }
}
```

Ẹ fi àwọn nọ́ńbà ìṣáájú sí i: `prevFeet` jẹ́ 895, `feet` jẹ́ 955, nítorí náà `t` jẹ́ 5 nínú 60. Ìyẹn ni pé nígbà tó rin ìdá kan nínú méjìlá ìrìn náà ló fẹsẹ̀ kan pákó. Ìdí tí mo fi ń wá `x` ní àkókò yẹn ni pé ọkùnrin náà lè máa já lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó wà nígbà tó ń kọjá ojú pákó ló yẹ ká wò, kì í ṣe ibi tó parí sí. Tí pákó bá pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ ṣírò `t` fún gbogbo wọn kí ẹ tó gbé e dúró, èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú.

`0.01` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Mo ń pa `p.y` mọ́, mo sì ń ṣírò àtẹ́lẹsẹ̀ láti inú rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà kì í bá ṣe odidi, àyọkúrò àti àròpọ̀ lè fi bíńtín kọjá ojú pákó. Láìsí àyè kékeré yẹn, ọkùnrin tó ti dúró jẹ́ẹ́ lórí pákó tún lè rì sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo ẹ́ńjìnì, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún kíkọ géèmù, wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún yín, ṣùgbọ́n ó ní bí ẹ ṣe máa lò ó. Nínú Unity, `Rigidbody2D` ní ibi tí wọ́n kọ `Collision Detection` sí. `Discrete` ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, ẹ yí i sí `Continuous`. Nínú Godot, `move_and_slide()` ń yẹ gbogbo ojú ọ̀nà wò. Mo ti bá àwọn kan wo kóòdù wọn tí wọ́n ṣe èyí tán, tí ọkùnrin wọn ṣì ń já, nítorí pé `transform.position` tàbí `position +=` ni wọ́n fi ń gbé e rìn. Bí ẹ bá gbé e báyẹn, ẹ kò bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀ rárá: ẹ kàn gbé èèyàn kúrò níbì kan ẹ sì gbé e kalẹ̀ síbòmíì ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó tún yọjú ni pákó tó ń gòkè fúnra rẹ̀, tí mo fi ṣe àtẹ̀gùn. Adẹ́mu ń já bọ̀, pákó ń gòkè lọ pàdé rẹ̀. Ní fíréèmù àtijọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wà ní 895, ojú pákó wà ní 900. Nígbà tí fíréèmù tuntun dé, pákó ti gòkè sí 890. Kóòdù mi fi 895 wé 890, ó ní ọkùnrin náà ti wà nísàlẹ̀ pákó látilẹ̀. Mo ní láti pa `prevTop` mọ́ fún pákó pẹ̀lú, kí n máa fi ẹsẹ̀ àná wé pákó àná, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ òní wé pákó òní. `t` náà wá di àlàfo àná tí a pín pẹ̀lú iye tí àlàfo náà fi yí padà láàárín fíréèmù méjèèjì.

Lẹ́yìn náà mo fi fíréèmù sí 15, mo jẹ́ kí adẹ́mu já ní ìgbà 200 láti òkè ọ̀pẹ, mo sì ní kí kóòdù kọ ọ́ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá 908. Kò kọ ohunkóhun. Mo fi géèmù náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.